Ọ̀gá fi íméèlì ránṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ló kún inú ẹ̀: ẹ bá mi tú u

ỌmọMọ́níyà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan ní Yábàá tó ń ta sọ́fíwíà fáwọn oníṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ka àwọn tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ náà ò le, ẹnu wọn ló le. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, yunifásítì ni mo ti jáde, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sọ níbí yìí, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo bá wá pa á pọ̀ mi ò ní mọ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe.

Ọ̀gá mi obìnrin tó ń gbé Nú Yọ́ọ̀kì kọ íméèlì sí mi lọ́sàn-án òní. Ó ní òun fẹ́ sákù bákì sórí dẹ́ẹ̀kì tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé mo ní báńdíwíìdì láti gbé dráfútì àkọ́kọ́ jáde, òun fẹ́ kí sínájì tó wà láàárín àwa àtàwọn séèsì hàn nínú ẹ̀, kí n lúùpù Fáínáńsì ín, ká wá tọ́ṣì béésì ní Tọ́sìdeè kó tó di EOD. Òní ni Túsìdeè. Mo gbọ́dọ̀ fèsì kí n tó sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbéèrè lèyí àbí àṣẹ?

Jímọ̀hDátà

Àbúrò, èyí ò le rárá. Báńdíwíìdì ni bí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ ṣe fẹ̀ tó. Ó ń bèèrè bóyá nẹ́tíwọ̀kì ilé ẹ máa gbé fídíò kọ́ọ̀lù ni. Èmi tí mò ń gun máàsì kiri mo mọ ohun tí mò ń sọ, mẹ́gáháàsì la fi ń wọ̀n ọ́n. Sọ fún un pé dátà ti gbówó lórí, kí wọ́n máa sanwó dátà fún ẹ lóṣooṣù. Ànfààní nìyẹn, má jẹ́ kó bọ́.

TàwáŃWáṣẹ́

Ọ̀rẹ́, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn ní kọ́ńpìnnì yín? Mo rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lò ń kọ́. Èmi náà ti ka gbogbo ẹ̀ sórí, ẹ ṣáà bá mi mú CV mi dé ibẹ̀.

ÌyáÌbejìHR

Jímọ̀h, o ò jẹ̀bi lẹ́nu iṣẹ́ tìẹ, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti yá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá fi ọ̀rọ̀ dátà dáhùn ọ̀gá ẹ̀, ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ fún obìnrin yẹn. Lẹ́nu ọ̀gá, báńdíwíìdì ni àyè tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ lẹ́yìn iṣẹ́ tó o ti ń ṣe. Tàwá, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò o, ẹni tó ti wọlé lẹ̀ ń wò yẹn.

ỌmọMọ́níyà, fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ HR ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, kí n tó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí próójẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú íméèlì yẹn. Dẹ́ẹ̀kì ni àwọn ojú ewé pawapọ́íńtì tí wọ́n máa ń tàn sára ògiri nípàdé. Sákù bákì ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá fẹ́ gbé e dìde padà. Dráfútì àkọ́kọ́ ni pé kò retí kó dán, torí náà má lọ fi wákàtí mẹ́ta yan àwọ̀. Lúùpù ín ni kó o fi àwọn Fáínáńsì sínú ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́yìn. Tọ́ṣì béésì, inú eré béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fara kan béésì kọ̀ọ̀kan kó tó kọjá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní kó jáde. Ní ọ́fíìsì, ìpàdé kékeré bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n ni, ibo lo dé, kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́, ó tán. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ tó ti parí.

Báńdíwíìdì gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí. Ó jọ ìbéèrè lójú, àmọ́ nígbà tó fi máa kọ íméèlì yẹn ó ti pinnu pé ìwọ ló máa ṣe é. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló máa kúrò lórí tábìlì ẹ kí èyí lè jókòó. Tó o bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni mà" lásán, o ti gba tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀kan bá sì bàjẹ́ nínú ẹ̀, o ò lè sọ pé o ò gbà. Tó o bá ní "rárá", wọ́n á ní ọmọ tuntun yìí ti ń ṣàṣejù.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n ṣírò ẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kọ́sítọ́mà, ìyẹn ìbéèrè àti ẹjọ́ tí wọ́n ń kọ wá, ń gba wákàtí mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ lójúmọ́, tréníǹgì ọmọ tuntun ń gba méjì, nínú wákàtí mẹ́jọ ó ku méjì. Ọ̀la àti Tọ́sìdeè pa pọ̀ jẹ́ mẹ́rin péré. Dẹ́ẹ̀kì ojú ewé mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó ṣì máa lọ bẹ àwọn èèyàn fún nọ́ńbà, wákàtí mẹ́jọ ò ní pọ̀jù fún un. Kò wọlé nìyẹn. Wàá wá kọ ọ́ báyìí pé mo ti rí i mà, mo lè ní ojú ewé mẹ́rin tó ṣe kókó nílẹ̀ ní Tọ́sìdeè, ìyókù máa dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó bá sì jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ lẹ nílò ní Tọ́sìdeè, mo máa nílò ẹni tó máa bá mi mú tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la, èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn? O ò kọ̀, o ò sì purọ́. Òun ló máa yàn.

BàbáSẹkitéríàtì

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa ń rò pé ẹ̀yin lẹ dá nǹkan sílẹ̀. Ní Sẹkitéríàtì Agodi tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ò ní sọ gbogbo ìyẹn, yóò kàn kọ KIV sára fáìlì, o ti mọ̀ pé kó o tọ́jú ẹ̀ síbi tí ojú ti tó o. Tó bá kọ PA, kó o gbé fáìlì náà lọ sinmi. Tó bá kọ BU, yóò fi ọjọ́ sí i, lọ́jọ́ náà gan-an kó o gbé e wá sórí tábìlì òun. Sákù bákì tẹ́ ẹ ń pariwo yìí, KIV náà ni.

ÌyáÌbejìHR

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, kìkì pé oríṣi méjì ni sákù bákì. Èyí tó ní ọjọ́ nínú, BU yín ni. Èyí tí ò ní ọjọ́ ni KIV, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì máa ń kú sí. Tó o bá béèrè nǹkan nípàdé, bóyá ẹ̀rọ tuntun tàbí owó tréníǹgì, tí ọ̀gá ńlá kan ní a máa sákù bákì sórí ìyẹn, tí ò dárúkọ ẹni tó máa ṣe é, tí ò dárúkọ ìgbà, rárá ló sọ fún ẹ yẹn, ojú ẹ ló ń gbà. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o kọ íméèlì ìlà kan lọ́jọ́ kejì, ṣé kí n gbé e wá ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ sà? Tó bá gbà, ó ti di BU. Tó bá tún fi sákù bákì mìíì dáhùn, yáa gbàgbé ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ti ọmọ yìí ní ọjọ́, Tọ́sìdeè. Torí náà iṣẹ́ ni.

AdéPeckham

Ẹ jẹ́ n fi kiní kan kún un. EOD, ìparí ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ bi ọ̀gá yẹn pé ọjọ́ ta ni. Èmi ń bá àwọn Èkó ṣiṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń fa ìjà ju owó lọ. Nígbà ẹ̀rùn wa níbí, aago kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú Nàìjíríà, tó bá ti di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá tá a bá dá aago padà, Èkó á fi wákàtí kan ṣáájú wa. Nú Yọ́ọ̀kì tiẹ̀ jìn gan-an, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá Èkó fi wákàtí márùn-ún ṣáájú wọn, lásìkò òtútù wọn ó di mẹ́fà. Tí ọ̀gá rẹ bá ní EOD, tó jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiẹ̀ ló ní lọ́kàn, aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́dọ̀ ẹ, àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á ti máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Má wulẹ̀ béèrè lọ́rọ̀ ẹnu. Fi ìpè ìpàdé ránṣẹ́ látinú kàlẹ́ńdà, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Èkó, kàlẹ́ńdà fúnra ẹ̀ á yí i sí aago tiẹ̀ lójú ẹ̀. Tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á sún un.

Ẹ tún kíyè sí "kíńdílì rífáàtì" tá a fẹ́ràn ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ tiwa ìyẹn ni kó o fèsì. Òyìnbó ọ́fíìsì mi kan rí i, ó rò pé kí òun dá fáìlì padà sí bó ṣe wà láná ni, ó sì dá a padà lóòótọ́. Iṣẹ́ odidi ọ̀sán lọ.

ỌmọMọ́níyà

Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí, ẹ fò sínájì mọ́lẹ̀ mà. Òun gan-an ló ń já mi láyà torí ẹnì kan ní ọ́fíìsì sọ fún mi pé tí wọ́n bá ti dárúkọ sínájì, wọ́n ti fẹ́ lé èèyàn.

BáńkàTẹ́lẹ̀

Ẹni yẹn ò parọ́, ó kàn gbé e síbi tí kì í ṣe ibùgbé ẹ̀ ni. Jẹ́ n ṣàlàyé torí báńkì ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí ilé iṣẹ́ méjì bá fẹ́ di ọ̀kan ni sínájì jẹ́ gan-an. Wọ́n máa ń sọ pé méjì àti méjì á di márùn-ún. Ibo ni márùn-ún yẹn ti fẹ́ wá? Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀kan ni owó tó máa wọlé sí i, bíi kí kọ́sítọ́mà báńkì yìí wá máa ra ohun tí báńkì kejì ń tà. Ìkejì ni ìnáwó tó máa dín kù. Ìyẹn ló ń já èèyàn láyà. Tí báńkì méjèèjì bá ní ẹ̀ka ní òpópónà kan náà, wọ́n á ti ọ̀kan. Tí méjèèjì bá ní ọ̀gá HR, orí àga kan kì í gba ìdí méjì.

Ẹ rántí ọdún 2004 tí CBN ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìdókòwò ẹ̀ láti bílíọ̀nù 2 lọ sí bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25. Sínájì ló kún gbogbo ìwé wọn nígbà yẹn. Ọdún 2019 náà, nígbà tí Access àti Diamond di ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yẹn tún gbòde. Oṣù kẹta 2024, CBN tún ní kí àwọn báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500, àwọn tó wà kárí Nàìjíríà nìkan bílíọ̀nù 200, wọ́n fún wọn títí di ìparí oṣù kẹta 2026. Torí náà ẹni tó bá wà ní báńkì tó rí "kọ́ọ̀sìtì sínájì", ìyẹn ti ìnáwó tó máa dín kù, nínú mẹ́mò, kó wò ó bóyá ẹlòmíì wà níbòmíì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Tìẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ńpìnnì kan náà lẹ wà. Tí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ rí sínájì láàárín ẹ̀yin àti séèsì, kí ẹ̀ka yín ràn tiwọn lọ́wọ́ ló ń wí.

ÌyáÌbejìHR

Ó dáhùn ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ má kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sínú dẹ́ẹ̀kì, fi nọ́ńbà rọ́pò ẹ̀. Ṣí tíkẹ́ẹ̀tì oṣù tó kọjá, kó o pín in sí méjì. Àkọ́kọ́, oníṣọ́ọ̀bù mélòó ló béèrè bóun ṣe lè lo sọ́fíwíà yín ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tàbí fún òṣìṣẹ́ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà? Ọjà tó ń wá ara ẹ̀ tà nìyẹn, tí ẹ̀ka yín dáhùn tán tí ẹ ò fún séèsì lórúkọ wọn. Ìkejì, ẹjọ́ mélòó ló wá látinú ìlérí tí séèsì ṣe tí sọ́fíwíà ò lè ṣe, bíi kí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ojú ewé méjì, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ lábẹ́ ẹ̀. Kíyè sára pẹ̀lú ìkejì ṣá, fi í han ẹnì kan ní séèsì kí ọ̀gá tó rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹjọ́ lo lọ rò yẹn.

Káyọ̀déÌkẹjà

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń kọ́ ọmọ yìí níwà òyìnbó. Ka wákàtí fún ọ̀gá kẹ̀? Ní kọ́ńpìnnì ìdílé tí mo wà, tó o bá kọ irú íméèlì "èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn" yẹn ránṣẹ́ sí alága, wọ́n á ní ta ló gba eléyìí síṣẹ́. "Yes sà" ni wàá sọ, wàá wá lọ bá ọ̀gá tó wà láàárín yín jẹ́jẹ́ pé ẹ gbà mí, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Òun lá lọ bá ẹ sọ ọ́. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

ÌyáÌbejìHR

Mi ò bá ẹ jà, Káyọ̀dé. Tó bá jẹ́ alága kọ́ńpìnnì ìdílé ni, èmi náà á gba ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí wà ní Nú Yọ́ọ̀kì, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín àwọn méjèèjì, kò sì rí ojú ọmọ yìí tó fi máa mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

AdéPeckham

Èmi ò mọ̀ o. Mo ti rí ọ̀gá òyìnbó tó ní òun fẹ́ kí èèyàn sọ òtítọ́ nípa báńdíwíìdì ẹ̀, tó wá fi í ṣe ẹ̀sùn nígbà tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò lópin ọdún. Ohun tí Àǹtí sọ ló dáa jù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń bá a mu.

Káyọ̀déÌkẹjà

Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ìyálọ́jàOnÍńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi íméèlì ránṣẹ́ sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú "ásì pà mai láàsì íméèlì". Ó tún CC ọ̀gá wa. Ṣé ó ń bú mi ni?

AdéPeckham

Àǹtí, ó ń bú yín o. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo ti sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò kà á. Ọ̀gá tó CC yẹn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ má fèsì pẹ̀lú ìbínú, ẹ kàn dá ohun tó béèrè lóhùn, kẹ́ ẹ CC ọ̀gá náà.

BàbáSẹkitéríàtì

Ní tiwa, rìmáíńdà la máa ń kọ sí i lókè, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́ta àkọ́kọ́. Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni yẹn kàn ń rán yín létí ni.

ỌmọMọ́níyà

Mo ti fèsì o. Mo lo ti Àǹtí, mo fi ojú ewé mẹ́rin àti Mọ́ńdè sí i, mo sì fi ìpè aago mẹ́rin ránṣẹ́. Ó dáhùn láàárín wákàtí kan, ó ní mẹ́rin tó, ó ti gba ìpè náà, ó wá fi kún un pé kí n rí i dájú pé gbogbo wa ti aláìnì. Mo kọ́kọ́ kà á sí aláìní, mo ní ṣé owó oṣù ò ní wọlé ni.

Ohun tó kù ni Fáínáńsì. Mo CC wọn, mo ní kí wọ́n fún mi ní iye tí kọ́sítọ́mà kan ń san lóṣù. Ẹni tó wà níbẹ̀ fèsì ìlà kan, ó ní ká gbé e lọ ọfíláìnì. Ìbínú ni àbí?

ÌyáÌbejìHR

Háà, aláìní! Kí gbogbo yín ti gbọ́ ara yín yé ló ní kó o rí sí, ẹ̀yin, séèsì àti Fáínáńsì, kí ẹnikẹ́ni má wá yà á lẹ́nu ní Tọ́sìdeè.

Ti ọfíláìnì yẹn, ó lè máà jẹ́ ìbínú. Wọn ò fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wà nínú íméèlì tí èèyàn mẹ́fà ń kà ni, àwọn Fáínáńsì sì ní ìdí tiwọn, nọ́ńbà tó bá ti wọ íméèlì máa ń dé ibi tí wọn ò rán an. Ìgbà mìíì sì wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà náà ni ò tíì sí. Má fèsì sórí íméèlì yẹn mọ́. Lọ bá a lórí ìjókòó ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí ọ̀sán tó pa, bi í pé ṣé kí n lo nọ́ńbà gangan àbí kí n lo ìdá ọgọ́rùn-ún. Nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, kọ ìlà méjì sí òun nìkan, láìsí ọ̀gá níbẹ̀, pé ẹ ṣeun fún ìjíròrò àárọ̀, ohun tí mo gbà sílẹ̀ ni pé mo máa lo ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ máa fún mi kí aago mejìlá ọ̀sán Tọ́sìdeè tó lù. Tó bá sọ pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, àyè ṣì wà láti tún un ṣe kí ẹ tó wọ ìpàdé.